Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lè mú àlejò tí ẹ kò pè dé ẹnu ọ̀nà yín

Bí ènìyàn bá fi fóònù òde òní ya fọ́tò, kì í ṣe ojú àti aṣọ ẹni tó dúró níwájú kámẹ́rà nìkan ni fóònù náà ń tọ́jú. Ó tún máa ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ya fọ́tò náà pamọ́ sínú rẹ̀, pẹ̀lú irú fóònù tí wọ́n fi yà á. Bí ẹni tó ni fóònù bá sì ti gbà á láyè, yóò kọ ibi gan-an tí onítọ̀hún dúró sí. Ojú lásán kò lè rí àkọsílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí fọ́tò náà bá tẹ̀ lọ́wọ́, tó sì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, lè kà á bí ẹni ń ka àdírẹ́sì lẹ́yìn lẹ́tà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀kan lára àwọn tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ni John McAfee, ọkùnrin olówó tó dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ààbò fún kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè Bẹ̀líìsì, ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ń wá a láti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí ikú aládùúgbò rẹ̀ kan tí wọ́n yìnbọn pa. McAfee ní ọwọ́ òun mọ́, ṣùgbọ́n ó sá pamọ́.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá ọdún náà, ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Vice, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ níbi tó sá sí, gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi yangàn pé àwọn wà lọ́dọ̀ ẹni tí ọlọ́pàá ń wá, wọn kò sì sọ ìlú tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n fóònù ni wọ́n fi ya fọ́tò náà, kò sì sẹ́ni tó rántí pa àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ rẹ́. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó ń wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ka nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé orílẹ̀-èdè Guatẹmálà, tó bá Bẹ̀líìsì pààlà, ni wọ́n ti yà á. McAfee kọ́kọ́ sọ pé òun ló mọ̀ọ́mọ̀ yí nọ́ńbà náà padà láti fi tan àwọn ènìyàn, kó tó wá gbà lọ́jọ́ kejì pé lóòótọ́ ni, Guatẹmálà lòun wà. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, àwọn agbófinró Guatẹmálà mú un pé ó wọ ìlú àwọn lọ́nà àìtọ́, wọ́n sì dá a padà sí Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 12. Ẹni tó fi iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà di olówó nìyẹn o, fọ́tò kan ṣoṣo ló tú u fó.

Bí fóònù ṣe ń mọ ibi tí ẹ wà

Inú fóònù ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po lókè. Láti inú àmì yìí ni fóònù ti ń ṣírò nọ́ńbà méjì. Èkíní ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà tó la àárín ayé já, yálà sí àríwá tàbí sí gúúsù. Èkejì ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù, yálà sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn. Fún àpẹẹrẹ, ẹni tó bá ya fọ́tò ní Òṣogbo, 7 ni yóò ṣíwájú nọ́ńbà èkíní rẹ̀, 4 ni yóò sì ṣíwájú èkejì. Ìṣirò kan lára nọ́ńbà èkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 111 lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kì í dúró síbẹ̀, ó máa ń kọ nọ́ńbà púpọ̀ sí i lẹ́yìn pọ́íńtì. Tó bá fi máa kọ nọ́ńbà kẹrin, ọ̀rọ̀ ti kù sí bíi mítà 11, ìyẹn ni pé ó ti tó láti mọ ilé yín yàtọ̀ sí ti aládùúgbò.

Àwọn kan rò pé bí kò bá ti sí dátà lórí fóònù, kò séwu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kàn ń gba àmì ni, bíi rédíò, kò nílò dátà, kò sì nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àárín oko tí ìpè kò lè wọlé gan-an ni ó ti máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí kò sí ilé gíga tó bo ojú ọ̀run. Inú ilé ni ó ti lè ṣì í díẹ̀.

Ọ̀nà tí fọ́tò gbà dé ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe pàtàkì

Ẹ jẹ́ ká wo bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé ní abúlé kan nítòsí Òṣogbo, tó fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ya jẹnẹrétọ̀ náà ní fọ́tò, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ní òun fẹ́ rà á, lórí Wásáàpù. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́, Wásáàpù yóò fún fọ́tò náà pọ̀ kó lè kéré, yóò sì yọ nọ́ńbà ibi tí wọ́n wà kúrò. Oníbàárà náà kò ní rí ju jẹnẹrétọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ká ní oníbàárà náà dáhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, fọ́tò yìí kò hàn dáadáa. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi ‘Document’.” Ọ̀rọ̀ gidi ni lóòótọ́, nítorí ọ̀nà yìí kì í jẹ́ kí fọ́tò ṣú. Àmọ́ ohun tó fà á tí kì í fi í ṣú ni pé Wásáàpù kò fọwọ́ kan fọ́tò náà rárá. Bó ṣe wà lórí fóònù ọmọ bàbá ni yóò ṣe délé oníbàárà, tòun ti nọ́ńbà inú rẹ̀. Oníbàárà yóò wá mọ ẹ̀yìnkùlé tí jẹnẹrétọ̀ wà, láì tíì sọ iye tó fẹ́ rà á, láì sì tíì sọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Bí íméèlì náà ṣe rí nìyẹn, kì í yọ nǹkan kan kúrò.

Ní ti Fesibúùkù, àwọn tó ń wo fọ́tò yín níbẹ̀ kò lè ka nọ́ńbà náà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ni ín lè gbà á sílẹ̀ nígbà tí fọ́tò bá wọlé.

Bí a ṣe ń yọ ọ́

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹ ṣí fọ́tò kan tí ẹ yà nílé, kí ẹ fi ìka fà á sókè. Bí máàpù tàbí orúkọ àdúgbò yín bá jáde lábẹ́ rẹ̀, ó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Láti dá a dúró lórí Samsung, ẹ ṣí kámẹ́rà, kí ẹ tẹ àmì tó dà bí eyín kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì pa “Location tags”. Lórí àwọn fóònù Android mìíràn, “Save location” ló lè wà níbẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ní “location” nínú. Lórí iPhone, ẹ lọ sí “Settings”, lẹ́yìn náà “Privacy & Security”, “Location Services”, “Camera”, kí ẹ wá yan “Never”.

Fọ́tò tí ẹ bá yà láti ìgbà náà lọ nìkan ni èyí kàn. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣì ní nọ́ńbà tiwọn nínú. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ láti orí iPhone, ẹ tẹ àmì ìfiránṣẹ́, kí ẹ tẹ “Options” lókè, kí ẹ sì pa “Location”. Lórí Samsung, ẹ fa fọ́tò sókè, ẹ tẹ “Edit”, ẹ yọ ibi tí wọ́n kọ síbẹ̀ kúrò, kí ẹ tẹ “Save”.

Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà Windows ni fọ́tò yín wà, ẹ fi apá ọ̀tún máósì tẹ ẹ́, ẹ yan “Properties”, lẹ́yìn náà “Details”, kí ẹ tẹ “Remove Properties and Personal Information” tó wà nísàlẹ̀. Yóò ṣe ẹ̀dà tuntun tí kò ní àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ wà nínú. Ẹ̀dà tuntun yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ o, nítorí ti àkọ́kọ́ ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹni tí gbogbo èyí bá ṣòro fún, kó ṣí fọ́tò náà, kó ya ojú fóònù fúnra rẹ̀ ní àwòrán, ìyẹn “Screenshot”, kó sì fi ìyẹn ránṣẹ́. Kò ní mọ́lẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ní bá a lọ.

Àwọn ohun kan wà tí ìyọkúrò yìí kò lè ṣe. Kò lè dé inú ẹ̀dà tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sì lè bo pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ilé-ìwé tàbí nọ́ńbà ilé tó hàn lẹ́yìn ẹni tí ẹ yà. Ojú ni wọ́n fi ń ka ìyẹn.

Èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe

Ó yàtọ̀ sí èyí tí fóònù ṣe fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yan orúkọ ìlú tàbí ibi ayẹyẹ sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí Fesibúùkù, gbogbo ẹni tí ẹ gbà láyè láti ka ọ̀rọ̀ náà ló rí i, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ kò sí nílé. Ó sàn kí ẹ dúró títí ẹ ó fi padà délé kí ẹ tó gbé e jáde.

Wásáàpù ní tirẹ̀ ní oríṣi méjì. “Send your current location” máa ń fi ojú ibi tí ẹ wà lásìkò náà nìkan hàn, kì í sì í tẹ̀ lé yín. “Share live location” ni ó ń tẹ̀ lé yín bí ẹ ti ń rìn, fún ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8, gẹ́gẹ́ bí ẹ bá ṣe yàn án. Ó dára fún ọmọ tó wà lọ́nà lóru, kí ìyá rẹ̀ lè máa wo ibi tó dé. Bó bá ti délé, kó tẹ “Stop sharing”.

Ti Google Maps ló yẹ kí ẹ fi ojú sí jù, nítorí ó ní èyí tí kì í dáwọ́ dúró àfi bí ẹni tó tan án bá pa á. Ẹ tẹ fọ́tò tàbí lẹ́tà orúkọ yín tó wà lókè, kí ẹ tẹ “Location sharing”. Orúkọ gbogbo ẹni tó ń wo ibi tí ẹ wà ni yóò jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ tí ẹ kò retí, ẹ tẹ ẹ́, kí ẹ sì yan “Stop”.