Kíkọ Àbá Oníṣòwò Láìfi Ìrètí Asán Sílẹ̀

Ìfáárà

Ní ọjà, ẹni tí kò ra nǹkan a máa sọ fún ọlọ́jà pé, "Mò ń padà bọ̀." Ọlọ́jà mọ̀ pé ìdágbére lásán ni, kò ní í dúró dè é. Ṣùgbọ́n bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ inú lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìlérí ni oníṣòwò yóò kà á sí.

Àpẹẹrẹ kan

Oníṣòwò kan mú ìwé kíkà Yorùbá wá sí ẹ̀ka wa, pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa lò ó. Ó fi ẹ̀dà 5 sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. A rí i pé kò sí àmì ohùn lórí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà ni à ń kọ́. Ojú tì wá láti sọ bẹ́ẹ̀. A kọ ọ́ pé: "Kò sí owó báyìí. A ó ké sí yín bí nǹkan bá ṣẹnuure." Nígbà tí sáà tuntun wọlé, ó dé pẹ̀lú 400 ẹ̀dà tí ó fi owó yíyá tẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe wà

Nínú lẹ́tà wa, "báyìí" fi hàn pé ìkọ̀ náà ní òpin. "A ó" ṣèlérí. "Bí... bá" sì sọ ohun tí ó yẹ kí ó máa retí. Ìdí tí a sọ pàápàá kì í ṣe òótọ́: owó lè dé lọ́la, ṣùgbọ́n ìwé náà kò ní í wúlò fún wa síbẹ̀.

Lẹ́tà tí ó yẹ kí a kọ

"A dúpẹ́ pé ẹ mú ìwé yín wá. Àwọn ìtàn inú rẹ̀ dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n a kò ní í lò ó ní ẹ̀ka wa. Ìdí ni pé kò sí àmì ohùn nínú rẹ̀. Ìpinnu wa lórí ìwé yìí ti parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tẹ òmíràn nítorí tiwa. Ẹ̀dà 5 tí ẹ fi sílẹ̀ nìyí."

Ìyìn inú lẹ́tà yìí jẹ́ òótọ́, ó sì ṣáájú ìkọ̀. Bí ó bá gbẹ̀yìn, òun ni oníṣòwò yóò gbé lọ sílé. Dídá ẹ̀dà padà náà ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá béèrè pé, "Tí mo bá fi àmì ohùn sí i ńkọ́?", kí a sọ pé a ó yẹ ẹ̀dà tuntun wò bí ìwé ẹlòmíràn, a kò sì ṣèlérí pé a ó gbà á.

Ìkádìí

Kí a tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí a fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà kà. Kí a bi í pé kí ni oníṣòwò yóò ṣe lọ́la. Bí ó bá ní, "Yóò dúró dè yín," a kò tíì kọ̀ fún un.