Ìbéèrè Tó Ń Wá Irọ́ Láàárín Òótọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ìmọ̀ oògùn, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, apòògùn tàbí dókítà, á ti rí irú ìbéèrè yìí rí. Èmi ni mo kọ èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí fún àlàyé wa, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń rí nínú ìdánwò náà nìyẹn.

Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni kì í ṣe òótọ́ nípa kolorokúìnì?
A. Ó ń pa kòkòrò ibà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.
B. Ó máa ń mú kí ara yún ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú.
C. Bí èèyàn bá lò ó pẹ́, ó lè ba ojú jẹ́.
D. Ó ń pa kòkòrò ibà tó sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀.
E. Wọ́n máa ń lò ó fún àwọn àìsàn kan tó ń mú oríkèé ara wú.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kàwé dáadáa ka ìbéèrè náà tán, ó bọ́ sórí A, inú rẹ̀ dùn, ó ní “Òótọ́ ni!”, ó sì ti kun A. Tàbí kó dé B. Ta ni kò mọ kolorokúìnì àti ara yíyún nílẹ̀ wa? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ìyún rẹ̀ ni wọn ò fi jẹ́ gbé e mì tán, kó tó di pé ìjọba Nàìjíríà gbé e kúrò nípò oògùn àkọ́kọ́ fún ibà lọ́dún 2005, tí wọ́n fi àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní atẹmísínì nínú rọ́pò rẹ̀. Ohun tó mọ̀ dájú ló yàn, ohun tó mọ̀ dájú náà ló sì gbé e ṣubú. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ ló dáhùn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ohun tó ń fà á kò le. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń fi ìdánwò kọ́ ọmọ pé kó wá èyí tó tọ̀nà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò yìí, ọ̀rọ̀ tó yí gbogbo rẹ̀ padà kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, òkè pátápátá ló sì wà. Kí ojú tó sọ̀ kalẹ̀ dé orí C tàbí D, ọkàn ti gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó ń kánjú ló ń bá jù, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé gan-an náà ò bọ́ níbẹ̀, torí kíá ni òótọ́ máa ń yọ sí i.

Ọ̀nà tí mo rí pé ó dára jù ni kéèyàn má gbé “kì í ṣe” náà sọ̀ kalẹ̀ rárá. Kó fa igi sábẹ́ rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ lókè, kó wá mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bíi pé gbólóhùn tó dá dúró ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé òótọ́ lèyí àbí irọ́? Kó kọ èsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Bó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, kó kọ A dé E sórí bébà tí wọ́n fún un fún ìṣirò, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ìgbà tó bá ṣe gbogbo márààrún tán ló tó padà sókè lọ wo ohun tí wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ti kolorokúìnì ṣe é. A, òótọ́. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò ibà ti ń jẹun, ohun tó fún ẹ̀jẹ̀ láwọ̀ pupa ló sì ń jẹ. Oúnjẹ yìí máa ń ṣẹ́ májèlé kù sí i nínú, kòkòrò náà sì mọ bó ṣe ń dì í pọ̀ kó má bàa pa á. Kolorokúìnì ni kì í jẹ́ kó rí i dì, ni májèlé bá pa oníjẹ. B, òótọ́. C, òótọ́: awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ló máa ń bà jẹ́, pàápàá lára àwọn tó ń lò ó fún ọdún púpọ̀. E náà, òótọ́, àwọn tó ní irú àìsàn yẹn ló sì sábà máa ń lò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku D. Oríṣi kòkòrò ibà méjì kan wà, fáífásì àti ofalé, tí àwọn kan nínú wọn máa ń lọ sùn sínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, kí wọ́n tó jí padà. Níbi tí wọ́n sùn sí yẹn, wọn kì í jẹ ẹ̀jẹ̀, kò sí májèlé kankan tí wọ́n ń dì, nítorí náà kolorokúìnì kò rí nǹkan kan dì mú lára wọn. Pùrìmákúìnì ni oògùn tí wọ́n máa ń lò fún ìyẹn. D, irọ́, òun sì ni ìdáhùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé D yìí ló jìnnà jù sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fojú rí ní wọ́ọ̀dù wa, torí fáífásì kò wọ́pọ̀ lágbègbè yìí. Irú ibẹ̀ gan-an ni olùdánwò fẹ́ràn láti gbé irọ́ pa mọ́ sí.

Àǹfààní kíkọ òótọ́ àti irọ́ sílẹ̀ ni pé iye wọn á máa ṣọ́ni. Nínú ìbéèrè bí èyí, tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo, òótọ́ mẹ́rin àti irọ́ kan ló gbọ́dọ̀ wà. Bí òótọ́ bá jẹ́ ẹyọ kan, tí irọ́ jẹ́ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbéèrè náà ò ní “kì í ṣe” kankan nínú, ìwọ lo fi sí i látinú èyí tó ṣáájú. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú rẹ̀ bá tẹ̀ lé ara wọn. Bí irọ́ bá wá di méjì, ibì kan wà tí ìmọ̀ rẹ ti mẹ́hẹ tàbí tí o ti ka ọ̀rọ̀ kan fò. Padà sórí méjèèjì yẹn nìkan, má tún gbogbo rẹ̀ kà.

Ibi tó ti le ju èyí lọ ni kí “kì í” tún wà nínú ìdáhùn. Ẹ jẹ́ ká mú pùrópùránólọ́ọ̀lù, oògùn tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọkàn tó ń sáré jù. Wọ́n ní èwo ni kì í ṣe òótọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀kan ní ó ń dín ìsáré ọkàn kù, òmíràn ní ó léwu fún alásímà, ẹ̀kẹta ní ó lè bo ọkàn lílù kìkì àti ọwọ́ gbígbọ̀n mọ́lẹ̀ nígbà tí súgà bá lọ sílẹ̀ lára alátọ̀gbẹ, ẹ̀kẹrin ní ẹ̀dọ̀ máa ń ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ kó tó tàn dé ara. Ìkẹyìn wá kà pé: “Kì í wọ inú ọpọlọ.”

Níbí yìí ni orí ti máa ń dà rú. Kì í ṣe òótọ́ pé kì í wọ inú ọpọlọ. Ṣé ó ń wọ̀ ọ́ ni àbí kò wọ̀ ọ́? Yọ “kì í” ti inú ìdáhùn náà kúrò ná, kí o bi ara rẹ léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ti gidi: ṣé pùrópùránólọ́ọ̀lù ń wọ ọpọlọ? Bẹ́ẹ̀ ni, torí ó máa ń yòrò nínú ọ̀rá, ohun tó bá sì ń yòrò nínú ọ̀rá máa ń rí ọ̀nà gbà kọjá sínú ọpọlọ. Òun ló fà á tí àwọn kan fi ń lá àlákálàá bí wọ́n bá ń lò ó. Tó bá ń wọ̀ ọ́, a jẹ́ pé irọ́ ni gbólóhùn tó ní kì í wọ̀ ọ́. Irọ́ ni wọ́n sì ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dárúkọ aténólọ́ọ̀lù mọ́ ọn lọ́kàn á ṣìnà, torí ẹbí kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n aténólọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ.

Nínú ìbéèrè kan náà, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe lè sọ irọ́ kan di méjì. Ká ní ẹ̀kẹta yẹn kà pé ó ń bo gbogbo àmì súgà tó lọ sílẹ̀, irọ́ ni ìyẹn náà, torí òógùn ṣì máa ń bo aláìsàn. Bí irọ́ bá ti di méjì lórí bébà rẹ, “gbogbo”, “nìkan” àti “láéláé” ni kí o kọ́kọ́ wá, kí o wò ó bóyá ìwọ lo kà wọ́n sí i tàbí olùdánwò ló kọ wọ́n.

Nígbà míì, orí ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé méjì: “Èwo nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ni kò sí èèwọ̀ rẹ̀ fún aboyún?” Wọ́n wá to enalapírìlì, wáfárìnì, tẹtirasáíkílìnì àti mẹtildópà sílẹ̀. “Kò sí” àti “èèwọ̀” ti pa ara wọn. Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní èdè tó dán: èwo ni aboyún lè lò? Mẹtildópà ni, wọ́n ti ń lò ó tipẹ́ fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹni tí kò bá tún un kọ á kàn rí èèwọ̀ àti aboyún, á sì mú wáfárìnì.

Mi ò lè dá gbogbo ẹ̀bi lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Àwọn olùkọ́ ń kọ irú ìbéèrè yìí nítorí pé ó yá kọ: mú òótọ́ mẹ́rin nínú ìwé, fi irọ́ kan sí i, ó parí. Lọ́dún 2002, Haladyna, Downing àti Rodriguez kó àwọn ìlànà tó wà fún kíkọ ìbéèrè ayan-ìdáhùn jọ, ohun tí wọ́n sì sọ lórí èyí ni pé kí olùkọ́ yẹra fún un, tàbí kí ó fi lẹ́tà ńlá tó dúdú kọ ọ̀rọ̀ náà bí kò bá rí i yẹra fún. Mo fara mọ́ wọn dé ibì kan. Ẹni tó mọ̀ pé D ni irọ́ nípa kolorokúìnì lè máà mọ pùrìmákúìnì rárá, kó kàn jẹ́ pé ó mọ mẹ́rin yòókù. Bí olùkọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n, kó bi í tààrà pé oògùn wo ló ń pa kòkòrò tó sùn sínú ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọn kò gbọdọ̀ fún alásímà tàbí aboyún yàtọ̀. Mímọ ohun tí a kì í ṣe ni iṣẹ́ náà níbẹ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n bi ọmọ léèrè rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùkọ́ ni pé, bí ẹ bá máa lò ó, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà kí ojú rí i, ẹ má sì tún fi “kì í” sínú ìdáhùn kankan lábẹ́ rẹ̀.