Ohun Tí Ó Yẹ Kí Aláàwẹ̀ Jẹ ní Sààrì àti ní Ìṣínu

Nínú ààwẹ̀ Ramadáànì, láti ìgbà tí ojúmọ́ bá là títí oòrùn yóò fi wọ̀, aláàwẹ̀ ìpínlẹ̀ wa ń lo bíi wákàtí 13 sí 14 láìjẹ, láìmu. Oúnjẹ sààrì ni ara kọ́kọ́ ń lò. Bí ó bá tán, ẹ̀dọ̀ a máa tú ṣúgà tí ó ti tọ́jú pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, oúnjẹ tí kì í tètè dà ni ó yẹ sààrì. Ògì tí a fi ṣúgà sí nìkan kì í pẹ́ dà, ebi a sì tètè dé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà kún un, yóò pẹ́ nínú. Ẹ dín iyọ̀ kù, nítorí òùngbẹ ni ó ń fà. Ẹ má ṣe mu omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìdájí, nítorí ìtọ̀ ni yóò bá lọ. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti ìṣínu títí di sààrì.

Ní ìṣínu, dàbínù àti omi ni sunna. Dàbínù mẹ́ta tó láti dá agbára padà. Lẹ́yìn tí a bá ti kírun Màgàríbì, kí a wá jẹun níwọ̀nba. Ẹni tí ó bá fi àkàrà elépo púpọ̀ kún inú òfìfo lójijì lè rí àyà títa àti inú kíkún.

Àwọn alárùn àtọ̀gbẹ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá oníṣòwò kan tí ó lo oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ ní sààrì bí ó ti máa ń lò ó, tí ó sì mu ògì díẹ̀ lé e. Ní agogo méjì ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn tútù bò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó lọ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá fi iye tí kò tó 70 mg/dL hàn, kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ ku wákàtí kan kí oòrùn wọ̀. Kí ó mu omi tí a po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́rin sí, kí ó sì tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, àmì wọ̀nyí tó láti ṣínu. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Bí iye náà bá ju 300 mg/dL lọ, ó yẹ kí ó ṣínu bákan náà, kí ó sì rí dókítà.

Al-Kùránì yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ náà padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè san án mọ́ yóò máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí alátọ̀gbẹ rí dókítà rẹ̀ kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, nítorí dókítà ni ó lè yí ìwọ̀n àti àkókò oògùn padà.