Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹ̀rín tó ń mú kí ẹkún wúwo

Inú dánfó láti Ajégúnlẹ̀ sí Àpápá ni mo ti ń ka ìwé ìtàn Lọlá Ṣónẹ́yìn lórí àwọn ìyàwó Baba Ṣẹ̀gi, èyí tó jáde ní 2010. Ẹ̀rín pa mí débi pé ìyá tó jókòó tì mí bi mí pé kí ló dé.

Ọkùnrin oníyàwó mẹ́rin, tó ń fi ọmọ méje yangàn, ni wọ́n ní kó lọ fi àtọ̀ sínú ìgò kékeré wá fún àyẹ̀wò!

Ẹ̀rín yẹn ló fa Baba Ṣẹ̀gi sún mọ́ wa. Ká ní òǹkọ̀wé kàn sọ pé agbéraga ni, a ò bá ní ìyà tọ́ sí i. Nígbà tí àṣírí wá tú pé kò sí ọ̀kan nínú méjèèje tó jẹ́ tirẹ̀, ìyangàn tí a fi ń rẹ́rìn-ín gan-an ló di ọgbẹ́. Ojú tì mí fún ẹ̀rín tí mo rín.

Ìjà orogún náà ń pani lẹ́rìn-ín, àfìgbà tó bí májèlé. Bọ́láńlé, ìyàwó kẹrin, ni wọ́n dì í dè, Ṣẹ̀gi, ọmọ ìyálé, ló jẹ ẹ́, ó sì kú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí àwàdà ṣe, ẹ fò ó, kẹ́ ẹ ka ibi ikú nìkan: á dà bí ìròyìn lásán. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó bá tún ń dápàárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ti ba ẹkún jẹ́.

Ìyá yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ ní Àpápá kí n tó dé ojú ìwé tí n kò ti lè rẹ́rìn-ín mọ́.