Ẹkún Ọjọ́ Kẹta, Ìsoríkọ́ Ọ̀sẹ̀ Kẹfà

Ọmọ ti dé, ilé kún fún èrò, ọkọ ń gba ìpè ìkíni lórí fóònù, ìyá àgbà sì ti gbé omi ìwẹ̀ kaná. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ kẹrin, ìyá ọmọ á kàn bú sẹ́kún. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní òun ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmú ló kún tó ń ro ó, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló sọ pé ọmọ náà rù, ó sì lè má sí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ rárá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ tí àbúrò rẹ̀ sọ á pa á lẹ́rìn-ín.

Ẹkún ọjọ́ díẹ̀ yìí ni àwọn elétò ìlera ń pè ní bébì bùlúùsì. Nínú oyún, ibi ọmọ ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú hòmóònù méjì kan, ẹ́sítírójìnì àti projẹ́sítírónì. Gbàrà tí ibi bá ti jáde, àwọn méjèèjì á já wálẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn dókítà kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí. Ẹ wá fi àìsùn kún un, ẹ fi ojú ibi tí wọ́n rán kún un, àti omi ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya. Ìdí nìyẹn tí ẹkún náà fi máa ń le jù láàrin ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ karùn-ún, tó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Kò nílò oògùn. Oorun ló nílò, oúnjẹ gbígbóná, àti ẹni tó máa gba ọmọ mọ́ra fún wákàtí mélòó kan. Ọjọ́ kẹjọ tí a ń sọmọ lórúkọ máa ń bọ́ sí ìgbà tí ẹkún yìí ti ń rọlẹ̀, bí ìyá ọmọ bá sì ti jó níbi ìkómọ, gbogbo ilé á gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ó ti parí lóòótọ́. Fún àwọn kan, ibẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà Abíọ́dún Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2005 lórí àwọn abiyamọ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n rí i pé nínú 100 ìyá, bíi 15 ló ní ìsoríkọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe aláìmoore sí Ọlọ́run tó fún wọn lọ́mọ, ohun tí a sì máa ń sọ sí wọn létí gan-an nìyẹn.

Ẹkún kọ́ ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì. Ẹni tó ní bùlúùsì lè sunkún ju ẹni tó ní ìsoríkọ́ lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí à ń wò ni iye ọjọ́: bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan bá ti wà lára obìnrin ní ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó ti kúrò ní ti bùlúùsì. Ohun kejì ni bóyá ayọ̀ ṣì ń ráyè wọlé. Obìnrin tó ń sunkún lọ́jọ́ kẹrin ṣì máa ń gbádùn àmàlà tó gbóná, ara rẹ̀ á sì yá bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá yọjú. Ẹni tó ní ìsoríkọ́ á jẹ oúnjẹ kan náà bí ẹni ń jẹ ìyẹ̀fun gbígbẹ, á sì máa retí kí ọ̀rẹ́ tètè lọ. Ẹ̀kẹta ni oorun, òun ni mo sì máa ń rọ àwọn ìdílé pé kí wọ́n ṣọ́ jù. Kò sí ìyá ọmọ tuntun tó ń sùn tó. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá gba ọmọ, tó ní kí ìyá rẹ̀ lọ rẹjú, tí ilé dákẹ́, tí obìnrin náà sì wà lórí ibùsùn tí ojú rẹ̀ là kedere, tó ń ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà, a jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ ni kò jẹ́ kó sùn.

Nítorí pé nǹkan wọ̀nyí kì í hàn lójú, a nílò ìbéèrè. Ní ọdún 1987, John Cox, Jenifer Holden àti Ruth Sagovsky tẹ ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan jáde nílẹ̀ Sìkọ́tílándì, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Ẹdinbọ́rọ̀ pè. Òun ni wọ́n ń lò jù káàkiri ayé títí dòní, wọ́n sì ti dán an wò láàrin àwọn abiyamọ Nàìjíríà. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dá lé ọjọ́ méje tó kọjá, ìdáhùn rẹ̀ sì ní àmì láti orí òdo dé 3, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 30 lọ. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ kúrò: wọn kò béèrè bóyá ó rẹ obìnrin náà, torí kò sí ìyá ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò rẹ̀. Kódà nígbà tí wọ́n béèrè nípa oorun, ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó lè sùn.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká máa pè é ní Ìyá Tọ́lá. Ọmọ àkọ́bí rẹ̀ ni, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ká ní wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá náà lọ́jọ́ kẹrin, ó lè gba àmì 10: 2 fún ẹkún, 2 fún àníyàn, 2 fún pé nǹkan ti pọ̀ jù fún un, àti oókan fún mẹ́rin mìíràn. Ṣùgbọ́n òdo ni ti ẹ̀rín, òdo ni ti oorun, òdo sì ni ti pé kó fẹ́ pa ara rẹ̀ lára. Àmì 10 yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ oògùn fún un. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì tún béèrè lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ìyá Tọ́lá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sunkún mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá ń wẹ ọmọ ti padà sílé, gbogbo èèyàn sì ń sọ pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ọmọ mọ́ tónítóní. Nọ́ọ̀sì mú un wọ yàrá kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ka àwọn ìbéèrè náà fún un lédè Yorùbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹkún, òdo. Lórí dídá ara rẹ̀ lẹ́bi láìnídìí, 3, torí ó gbà pé òun ni kò lè fúnra rẹ̀ bímọ bí àwọn obìnrin yòókù. Ẹ̀rín, ìrètí ohun tó ń bọ̀, àníyàn, nǹkan tó pọ̀ jù fún un, àti àìlèsùn gba 2 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ̀rù gba 1, ìbànújẹ́ gba 1. Ìbéèrè kẹwàá, nípa èrò láti pa ara rẹ̀ lára, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn pé, "Kò wọ́pọ̀, mà." Ìyẹn jẹ́ 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16.

Láti orí 13 lọ sókè ni wọ́n sábà máa ń kà sí pé ó ṣeé ṣe kí ìsoríkọ́ wà, 10 sí 12 sì jẹ́ ibi tí a ti ń tún un wò. Àwọn oníwádìí kan nílẹ̀ Nàìjíríà rí i pé ààlà tó lọ sílẹ̀ tó 9 ló dára jù fún àwọn abiyamọ wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹwàá kò sí lábẹ́ ààlà kankan. Bí àpapọ̀ obìnrin bá jẹ́ 5 péré, tí ti ìbéèrè kẹwàá sì ju òdo lọ, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nọ́ọ̀sì bi Ìyá Tọ́lá pé, "Irú èrò wo ni, Ìyá Tọ́lá? Ṣé ẹ ti ro bí ẹ ṣe máa ṣe é? Ṣé oògùn eku tàbí ti kòkòrò wà nílé? Ta ló ń bá yín sùn lálẹ́?" Bíbéèrè báyìí kì í fi èrò ikú sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ara máa ń tu ọ̀pọ̀ obìnrin pé ẹnì kan béèrè.

Àmì 16 kì í ṣe ìdájọ́. Àyẹ̀wò ló jẹ́, ẹni tó sì gba àmì púpọ̀ lè má ní ìsoríkọ́ nígbà tí dókítà bá jókòó tì í. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè dà bí ẹni tó sorí kọ́, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lójú tèmi wà lódìkejì: obìnrin tó ní ìsoríkọ́ tó sì gba àmì kékeré, nítorí pé ìyá ọkọ jókòó tì í nígbà tí wọ́n ń bi í, tàbí nítorí pé wọ́n ka ìbéèrè náà lédè Gẹ̀ẹ́sì wàràwàrà níwájú gbogbo èèyàn lórí bẹ́ǹṣì. Ta ló fẹ́ sọ níbẹ̀ yẹn pé inú òun ò dùn sí ọmọ òun?

Ohun kan wà tí kò yẹ ká dúró fi ìbéèrè wò rárá. Abísínwín, tí àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́, kì í pọ̀, bíi obìnrin kan tàbí méjì nínú 1,000 ló máa ń bá, ó sì sábà máa ń yára bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Obìnrin náà kì í sùn, síbẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ́ ohùn, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò já síra, tàbí ó ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ òun. Ilé-ìwòsàn ni ká sáré gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn, ká má sì fi òun àti ọmọ sílẹ̀ nìkan.

Dókítà jẹ́rìí sí i pé ìsoríkọ́ ni ti Ìyá Tọ́lá, àti pé kò le débi tó nílò oògùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ká ní ó nílò rẹ̀ ni, irú oògùn bíi sẹ́trálìnì kì í kọjá sínú omi ọmú púpọ̀, ìyá á sì lè máa fọ́mọ lọ́mú lọ. Ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí tó ti kọ́ iṣẹ́ ìmọ̀ràn ni wọ́n fi í sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti dán irú ọ̀nà yìí wò ní àwọn ilé-ìwòsàn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2019: ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tí wọ́n tọ́jú ló sàn, yálà ìmọ̀ràn kíkún ni wọ́n gbà tàbí ìtọ́jú tó mọ níwọ̀n, ìmọ̀ràn kíkún sì wúlò jù fún àwọn tí tiwọn le gan-an.

Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ìṣòro kan péré ni agbẹ̀bí àti Ìyá Tọ́lá máa ń mú. Èyí àkọ́kọ́ ni òru: ọkọ rẹ̀ gbà láti máa gba ọmọ láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan, lẹ́yìn tí ìyá bá ti fún un lọ́mú. Èkejì ni oògùn eku, tí wọ́n kó kúrò nílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wọ́n tún bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá náà. Àpapọ̀ rẹ̀ di 7, ìbéèrè kẹwàá sì di òdo. Dídá ara rẹ̀ lẹ́bi ṣì wà ní 2, agbẹ̀bí sì kọ ọjọ́ ìpàdé mìíràn sórí káàdì rẹ̀.