Kí Fọ́ọ̀mù Ìrànwọ́ Má Baà Parẹ́ Mọ́ Yín Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará wa tí omíyalé lé kúrò nílé ní Kúdẹtì àti agbègbè rẹ̀, bí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ lórí fóònù, ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti kọ ọ́ dé ìdajì kí "Session expired" tó yọ, kí gbogbo ohun tí ẹ kọ sì parẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé lórí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù, ohun tí ẹ ń kọ ṣì wà lórí fóònù yín nìkan. Ìgbà tí ẹ bá tẹ "Next" tàbí "Save" ni ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni fọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ tiwọn ń ka ìṣẹ́jú láti ìgbà tí ó ti gbúròó yín kẹ́yìn. Bí àkókò bá pé, yóò tilẹ̀kùn, bí ẹ tilẹ̀ ń kọ̀wé lọ́wọ́.

Ká ní ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fún ìyá kan. Ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí omi gbé lọ. Ó ń ka bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka ẹ̀rọ ìránṣọ, ó pe bàbá àwọn ọmọ láti béèrè iye tí wọ́n ra fíríìjì. Kó tó tẹ "Next", ìṣẹ́jú 25 ti lọ. Ó di kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìyá yìí ìbá ti ṣe nìyí. Kó tó ṣí fọ́ọ̀mù, kó kọ ìdáhùn tó gùn sí ibi tí à ń kọ nǹkan pamọ́ sí lórí fóònù, tàbí sínú ìwé. Kò nílò dátà fún èyí. Tó bá ṣe tán, kó tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, kó yan "Select all", lẹ́yìn náà "Copy". Kó wá padà sínú fọ́ọ̀mù, kó tẹ àpótí ìdáhùn mọ́lẹ̀, kó yan "Paste". Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa mú, torí "Copy" tuntun sábà máa ń lé ti àtijọ́ jáde.

Bí "Save" bá wà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní òpin ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fọ́ọ̀mù yín sínú ìwé. Lẹ́yìn ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ jáde, kí ẹ tún wọlé. Bí ẹ bá bá ìdáhùn yín níbẹ̀, ẹ lè sinmi, kí ẹ parí rẹ̀ lọ́la. Bí ẹ ò bá bá a, ẹ múra láti parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún yẹ fọ́tò wò, torí àwọn fọ́ọ̀mù kan kì í tọ́jú rẹ̀.

Bí ẹ bá pẹ́ lórí ojú ewé kan, ẹ kọ́kọ́ fi "Copy" mú ohun tí ẹ kọ kí ẹ tó tẹ "Next".

Ẹ rántí pé "Save" kì í ṣe "Submit": fọ́ọ̀mù tí ẹ kàn tọ́jú kò tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá sì jẹ́ fóònù ẹlòmíràn tàbí kọ̀ǹpútà kàfé lẹ lò, ẹ pa ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ rẹ́, pàápàá nọ́ńbà NIN yín, kí ẹ sì tẹ "Log out".