Ìlà tí Ṣọ́ọ̀kì Ń Tọ̀ Nígbà tí A Bá Lọ́ Ọ

Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì kan tí kò tíì kán. Ẹ di orí rẹ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ di ìdí rẹ̀ mú lọ́wọ́ òsì, kí ẹ wá lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fà á. Tó bá dá, ẹ wo ojú ibi tó ti dá. Kò tẹ́jú bí ohun tí a fi ọ̀bẹ gé. Ńṣe ni ojú náà dagun, tó sì yípo ara ṣọ́ọ̀kì, ìlà rẹ̀ sì fi nǹkan bíi dígírì 45 yà kúrò ní gígùn ṣọ́ọ̀kì. Ẹ mú òmíràn, ẹ tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí.

Ìlà yẹn ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ọdún kejì fi ojú rí kó tó gbé kálámù. Ohun tí a ń pè ní áígẹ́nfẹ́kítọ̀ ló pinnu ibi tí ìlà náà yóò gbà.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú gé ṣọ́ọ̀kì náà nígbà tí ọwọ́ ṣì ń lọ́ ọ. Níbikíbi tí a bá gé e, apá kan ń fi agbára kan apá kejì lójú ibi tí a gé. Kí a lè mọ ojú tí à ń sọ, a fa ọfà kan jáde láti inú rẹ̀, tó dúró ṣánṣán sí i. Ọfà kejì ni agbára tó wà lójú náà. Mátíríìsì ni ohun tó ń gba ọfà àkọ́kọ́ wọlé tó sì ń gbé ọfà kejì jáde. Augustin-Louis Cauchy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé ọ̀nà ìrònú yìí kalẹ̀ ní ọdún 1822, òun náà ni àwọn ẹlẹ́rọ sì ń lò títí dòní.

Tí a bá fi x ṣe gígùn ṣọ́ọ̀kì, tí y sì gba ìbú rẹ̀ lórí awọ ara rẹ̀, mátíríìsì ìlọ́po yẹn ní òdo méjì ní igun kan sí igun kejì, àti iye kan náà, t, ní igun méjì yòókù. Ọfà (1, 0) wọlé, (0, t) ló jáde. Ó ti yí dígírì 90: agbára kò fa ojú náà síta, kò tì í sínú, ńṣe ló fẹ́ kó yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi (1, 1) sí i. (t, t) ló jáde, ọ̀nà kan náà gan-an. Lójú yẹn, kò sí yíyọ̀ rárá, fífà lásán ló wà níbẹ̀. Ẹ fi (1, −1) sí i, (−t, t) ló jáde: orí ìlà kan náà ṣì ni, àmọ́ ó kọjú sẹ́yìn, ìyẹn ni pé agbára ń ti ojú náà sínú. Ọfà méjèèjì tí kò kúrò lórí ìlà wọn yìí ni áígẹ́nfẹ́kítọ̀. Iye tí a fi sọ ọ́ di púpọ̀, t fún èkíní àti −t fún èkejì, ni áígẹ́nfálù. Ṣọ́ọ̀kì kì í lè fara da fífà, nítorí náà ojú tí a ti ń fà á jù lọ ló ti ń là, ojú náà sì wà ní dígírì 45.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe èyí tí igun rẹ̀ kò hàn lójú kan náà. Ká ní irin kan wà tí à ń lọ́, tí a tún ń fà ní gígùn rẹ̀, tí mátíríìsì rẹ̀ ní 60 àti 40 ní ìlà òkè, 40 àti 0 ní ìlà ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní mẹ́gápásíkà. Ọfà (1, 0) dùbúlẹ̀ ní dígírì 0. Ó jáde bíi (60, 40), ó ti gòkè dé nǹkan bíi dígírì 33.7. Ọfà (1, 1) wà ní dígírì 45. Ó jáde bíi (100, 40), ó ti wálẹ̀ sí 21.8. Ọ̀kan gòkè, ọ̀kan sọ̀kalẹ̀. Bí a bá ń yí ọfà láti 0 lọ sí 45 díẹ̀díẹ̀, ó di dandan kí a kan ọ̀kan láàárín tí kò gòkè tí kò sì sọ̀kalẹ̀. Ọfà (2, 1) ni, ní dígírì 26.6. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: (160, 80), tí í ṣe ìlọ́po 80 ọfà tó wọlé. Èyí tó dúró ṣánṣán sí i, (1, −2), jáde bíi (−20, 40), ìlọ́po −20. Bí a bá fi gbogbo ọfà tó gùn ní ẹyọ kan yípo òbìrí kan wọlé, orí àwọn ọfà tó jáde yóò ya òbìrí tí a fà gùn, èyí tó nà dé 80 lápá kan, tó sì nà dé 20 péré lápá kejì.

Ibí yìí ni dẹtámínáǹtì tí wọ́n máa ń fi ṣáájú nínú kíláàsì ti wá. Mo rò pé ẹ̀yìn ló yẹ kó wà. Tí A bá sọ v di ìlọ́po λ, a jẹ́ pé A − λI sọ v di òdo. Mátíríìsì tó bá lè tẹ odindi ọ̀nà kan pa di òdo ti tẹ gbogbo ojú pẹrẹsẹ di ìlà kan ṣoṣo, ìlà kò sì ní fífẹ̀. Dẹtámínáǹtì ló ń wọn fífẹ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ibi tó ti di òdo. Ti irin wa yìí ni λ² − 60λ − 1600 = 0, ó sì bí 80 àti −20. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí 60, bíi ti 60 àti 0 inú mátíríìsì. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí −1600, iye dẹtámínáǹtì. Bí ọ̀kan nínú àyẹ̀wò méjì yìí bá ṣẹ̀, àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ yín.

Kì í ṣe gbogbo mátíríìsì ló ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń yí gbogbo ọfà ní dígírì 90 kò dá ọ̀kankan sí, ìdọ́gba rẹ̀ ni λ² + 1 = 0, kò sì sí iye gidi kan tó lè yanjú rẹ̀. Ti agbára inú irin kì í rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé 40 méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, igun mẹ́rin kékeré tí a fojú inú gé níbẹ̀ yóò máa yí ká fúnra rẹ̀. Cauchy fi hàn ní 1829 pé mátíríìsì tó dọ́gba báyìí kì í bí áígẹ́nfálù tí kì í ṣe iye gidi.

Lórí kọ̀ǹpútà, ìlà mẹ́ta péré ni:

```python
import numpy as np
A = np.array([[60, 40], [40, 0]])
w, V = np.linalg.eigh(A)
```

`w` yóò gbé −20 ṣáájú, lẹ́yìn náà 80. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni `V`: òòró ni à ń kà á, kì í ṣe ìbú, nítorí náà `V[:, 1]` ni ọfà ti 80. Yóò jẹ́ nǹkan bíi (0.894, 0.447), tàbí kí àmì méjèèjì di ti òdì, ìlà kan náà ni. Ẹni tó bá kà á ní ìbú lè rí (−0.894, 0.447) tàbí irú rẹ̀, bí àmì inú `V` bá ṣe bọ́ sí. Bó bá fi A sọ ìyẹn di púpọ̀, (−35.8, −35.8) ni yóò jáde, ọfà tó ti kúrò lórí ìlà rẹ̀ pátápátá.

Ohun tí iye méjèèjì kò lè sọ ni èyí tí yóò ba nǹkan jẹ́, nítorí ọwọ́ ohun èlò fúnra rẹ̀ nìyẹn wà. Ṣọ́ọ̀kì tí a bá lọ́ tí a sì fà lọ́nà tí irin yẹn gbà yóò là ní ṣánṣán sí ọfà (2, 1), ìyẹn ni pé ìlà ìlà rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi dígírì 63 yà kúrò ní gígùn rẹ̀ dípò 45. Ṣùgbọ́n irin rírọ̀ kì í bẹ̀rù fífà tó yíyọ̀. Lọ́ ọ nìkan títí yóò fi já, ojú ibi tó ti já yóò tẹ́jú, ní ṣánṣán sí gígùn rẹ̀, lójú (1, 0) gan-an tí agbára ibẹ̀ jẹ́ yíyọ̀ lásán.